Níbo ni fákúólù àti kílórópíláàsì wà nínú àlùbọ́sà tí a wò?

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí ní girama, ọdún kìíní mi nìyí lẹ́nu iṣẹ́. Mo bọ́ èèpo fẹ́lẹ́ inú àlùbọ́sà fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, a kán áyódìn sí i, a sì wò ó lábẹ́ máíkírósíkópù. A rí ògiri sẹ́ẹ̀lì kedere, a sì rí núkílíọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ìwé wa ní sẹ́ẹ̀lì ewéko ní fákúólù ńlá àti kílórópíláàsì, a kò sì rí ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ọmọ kan bi mí bóyá àlùbọ́sà kì í ṣe ewéko ni. Nígbà tí a wo sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wa, a kò rí ògiri kankan, ni òmíràn bá bèèrè pé kí ló wá ń di sẹ́ẹ̀lì tiwa mú. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Ewéko ni àlùbọ́sà, kò sì sí ohun tó bàjẹ́ nínú iṣẹ́ tí ẹ ṣe. Àwòrán inú ìwé ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Kò sí sẹ́ẹ̀lì kan láyé tó rí bí àwòrán yẹn gẹ́lẹ́. Àwọn tó yà á kó ohun tí a ń bá nínú oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì ewéko jọ sójú kan ṣoṣo, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ orúkọ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wúlò fún orúkọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé e lé ọkàn lọ síwájú máíkírósíkópù yóò máa wá ohun tí kò sí níbẹ̀, yóò sì fojú fo ohun tó wà níbẹ̀. Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ bèèrè ni pé: inú ẹ̀yà wo lára ewéko ni sẹ́ẹ̀lì yìí ti wá, iṣẹ́ wo ló sì ń ṣe níbẹ̀? Nínú ohun méjì tí ẹ ní ẹ kò rí, ọ̀kan kò sí níbẹ̀ lóòótọ́. Èkejì wà níbẹ̀, òun ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú gbogbo ibi tí ẹ ń wò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó wà níbẹ̀. Ẹ rántí ibi tí núkílíọ́ọ̀sì wà nínú sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà tí ẹ wò. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ̀gbẹ́ kan ló fẹ̀yìn tì, ó lẹ̀ mọ́ ògiri bí ẹni tí wọ́n tì síbẹ̀. Ẹ wá rántí ti ẹ̀rẹ̀kẹ́: àárín tàbí ìtòsí àárín ló wà. Kí ló ti ti àlùbọ́sà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́? Fákúólù ni. Àpò kan ni, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló yí i ká, omi tí ṣúgà, iyọ̀ àti àwọn nǹkan mìíràn ti yọ́ sínú rẹ̀ ló sì kún un. Nínú sẹ́ẹ̀lì ewéko tó ti dàgbà tán, ó lè gba ìdá 80 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo àyè inú sẹ́ẹ̀lì náà. Sáítópíláásìmù, ìyẹn ohun kíki tí núkílíọ́ọ̀sì àti àwọn yòókù ń gbé inú rẹ̀, wá di ìpele tín-ín-rín tó há sáàárín àpò yìí àti ògiri. Nítorí náà, gbogbo àyè mímọ́lẹ̀ tó dà bíi pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, tí ẹ rí láti ògiri kan dé èkejì, fákúólù ni. Ó mọ́ gaara nítorí pé omi ló pọ̀ nínú rẹ̀, áyódìn kì í sì í fún omi yẹn ní àwọ̀ bó ṣe ń fún núkílíọ́ọ̀sì. Bí ọmọ kan bá ní òun rí núkílíọ́ọ̀sì kan láàárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà, òótọ́ ló sọ: ara ògiri òkè tàbí ti ìsàlẹ̀ ni wọ́n tì í sí, àwa sì ń wò ó láti òkè. Bí ẹ bá ń yí bọ́tìnì ìfojúsùn náà díẹ̀díẹ̀, ẹ ó rí i pé núkílíọ́ọ̀sì yẹn kì í hàn kedere lásìkò kan náà pẹ̀lú ti àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Àlàyé yìí nìkan kì í tó ọmọdé, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ rí i. Ọpẹ́ ni pé àlùbọ́sà tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà wa, èyí tí èèpo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ elése àlùkò, ti kùn fákúólù rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Àwọ̀ yẹn kò sí lára ògiri, kò sì sí nínú núkílíọ́ọ̀sì. Inú omi fákúólù ló yọ́ sí. Ìdí tí ẹ kò fi rí i ni pé ẹ̀yìn ìpele àlùbọ́sà, níbi tó yọrí síta, ni àwọ̀ náà wà, àwa olùkọ́ sì máa ń bọ́ ti inú, níbi tó tẹ̀ kòtò, torí pé ibẹ̀ ló rọrùn jù láti bọ́. Èyí tí ẹ bọ́ yẹn kò ní àwọ̀ kankan.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ la àlùbọ́sà elése àlùkò sí mẹ́rin, ẹ yọ èèpo gbígbẹ òde rẹ̀ dànù, kí ẹ mú ìpele àkọ́kọ́ tó nípọn tó sì ní omi dáadáa. Ẹ fi abẹ fa ilà onígun mẹ́rin sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó fẹ̀ tó mílímítà 5 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, kí abẹ má wọlé jìn. Ẹ wá fi ẹ̀mú kékeré mú igun kan, kí ẹ sì rọra gbé èèpo fẹ́lẹ́ náà sókè. Yóò kọ́kọ́ fẹ́ gbé ẹran àlùbọ́sà dání, bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ tún òmíràn gbé, nítorí pé ibi tó bá nípọn yóò ṣókùnkùn, ẹ kò sì ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sínú ẹ̀kán omi lásán lórí gíláàsì, ẹ fi gíláàsì fẹ́lẹ́ bò ó, kí ẹ máa fi etí rẹ̀ kan kọ́kọ́ kan omi kí ẹ tó rọra dá a dùbúlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà há sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má kán áyódìn sí i rárá. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ní ìlọ́po 100, ẹ ó rí sẹ́ẹ̀lì tó tò bíi bíríkì, àwọ̀ elése àlùkò sì kún ọ̀pọ̀ nínú wọn láti ògiri dé ògiri. Fákúólù nìyẹn, ó hàn gbangba. Àwọn kan lè má ní àwọ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ wá po iyọ̀ obẹ̀ gíráámù 5 mọ́ omi mílílítà 100, ó sún mọ́ ṣíbí tíì kan tí iyọ̀ kò ga lórí rẹ̀. Ẹ kán omi iyọ̀ yìí sí etí gíláàsì fẹ́lẹ́ náà ní ìhà kan, kí ẹ fi tíṣù kan omi ní ìhà kejì. Bí tíṣù ṣe ń fa omi lásán síta, bẹ́ẹ̀ ni omi iyọ̀ yóò máa wọlé dípò rẹ̀. Kí ọmọ kan má ṣe gbé ojú kúrò lẹ́nu máíkírósíkópù. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọ̀ elése àlùkò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà kúrò ní igun sẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn náà ní ẹ̀gbẹ́, yóò máa sú jọ, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì máa dúdú sí i. Ògiri yóò dúró síbi tó wà bí ilé tí wọ́n kó ẹrù inú rẹ̀ jọ sójú kan. Mo ti rí kíláàsì aláriwo tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ nítorí ohun tí mo sọ yìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé omi jáde láti inú fákúólù. Tí awọ bá wà láàárín omi méjì, awọ tí omi lè kọjá lára rẹ̀ ṣùgbọ́n tí iyọ̀ àti ṣúgà kò lè kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, omi púpọ̀ yóò máa lọ síhà ibi tí ohun tó yọ́ sínú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Iyọ̀ tí ẹ kán sí òde pọ̀ ju ohun tó yọ́ sínú fákúólù lọ, omi fákúólù wá ń jáde lọ bá a. Àwọ̀ náà kò lè bá omi jáde, ìdí nìyẹn tó fi ń ki sí i bí àpò ṣe ń kéré sí i.

Ẹ wá bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè kan tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ: àyè tó ṣí sílẹ̀ láàárín ògiri àti àwọ̀ tó sú jọ yẹn, kí ló wà nínú rẹ̀? Ọ̀pọ̀ yóò ní afẹ́fẹ́ ni, àwọn mìíràn yóò ní kò sí nǹkan kan. Omi iyọ̀ ni. Omi iyọ̀ tí ẹ kán sí òde ló gba inú ògiri kọjá bíi pé ògiri kò sí níbẹ̀, tó wá dé ẹnu awọ sẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ ni iyọ̀ ti dúró. Ìyẹn tú àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí: wọ́n máa ń rò pé ẹranko ní awọ sẹ́ẹ̀lì, ewéko sì ní ògiri dípò tirẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ewéko ní méjèèjì, awọ wà nínú, ògiri wà lóde. Awọ ló ń yan ohun tí yóò wọlé àti èyí tí yóò jáde, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe nínú ara ẹranko. Ògiri kì í yan nǹkan. Okùn sẹ́lúlóòsì, irú ohun kan náà tó wà nínú òwú, ni wọ́n hun pọ̀ mọ́ra tó di ògiri yẹn, omi àti iyọ̀ sì ń gba àárín okùn náà kọjá láìsí ìdíwọ́. Ẹ kò lè rí awọ sẹ́ẹ̀lì náà gan-an pẹ̀lú máíkírósíkópù ilé-ẹ̀kọ́, ó fẹ́lẹ́ ju ohun tí ìmọ́lẹ̀ lè fi hàn lọ. Ṣùgbọ́n etí àwọ̀ elése àlùkò tó sú jọ yẹn jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ó wà, torí pé ìpele sáítópíláásìmù tín-ín-rín àti awọ ló yí àwọ̀ náà ká.

Kí iyọ̀ tó pa wọ́n, ẹ fi omi lásán rọ́pò omi iyọ̀, bí ẹ ṣe ṣe é lákọ̀ọ́kọ́, pẹ̀lú tíṣù ní ìhà kejì. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí iyọ̀ lè ṣàn kúrò. Àpò yóò tún wú padà, àwọ̀ yóò sì kan ògiri. Ibẹ̀ ni yóò wá dúró sí. Ìdúró yẹn ṣe pàtàkì, nítorí omi lásán wà lóde, ohun tó yọ́ sínú fákúólù sì ṣì pọ̀ ju tòde lọ, ó yẹ kí omi ṣì máa wọlé. Kí ló dá a dúró? Ògiri ni. Ẹ ronú nípa táyà kẹ̀kẹ́ àti tíúbù inú rẹ̀: bí ẹ bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí tíúbù nìkan láìsí táyà, yóò máa wú títí yóò fi bẹ́. Táyà tó yí i ká kì í jẹ́ kó wú kọjá ibi kan, afẹ́fẹ́ inú tíúbù sì ni kì í jẹ́ kí táyà rọ. Bẹ́ẹ̀ ni fákúólù àti ògiri ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé agbára tí omi inú sẹ́ẹ̀lì ewé tó mumi yó fi ń ti ògiri rẹ̀ lè ju ti inú táyà mọ́tò lọ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta.

Agbára yìí ló ń gbé ẹ̀fọ́ dúró. Tẹ̀tẹ̀ kò ní egungun, igi rẹ̀ kò sì tíì le, síbẹ̀ ó nà gbọọrọ láàárọ̀ nítorí pé fákúólù inú gbogbo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kún. Tí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ bá tẹ́ ẹ sóòrùn títí di ọ̀sán, omi yóò fò lọ lára ewé, fákúólù yóò dín kù, ògiri yóò rọ, ẹ̀fọ́ yóò sì rọ̀ jọwọrọ. Ìyá yẹn mọ̀ pé bí òun bá tètè wọ́n omi sí i, yóò tún jí. Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ kékeré kan tí ìwé kì í sábà sọ: nínú ẹ̀fọ́ tó rọ lóòrùn, ẹ kò ní rí àyè láàárín awọ àti ògiri bí ẹ ṣe rí i nínú omi iyọ̀. Afẹ́fẹ́ kò rí ààyè gba àárín okùn ògiri tútù wọlé bí omi iyọ̀ ṣe ń wọlé, nítorí náà ògiri a máa bá awọ ká wọlé, gbogbo sẹ́ẹ̀lì a sì rún wọ̀ǹwọ̀n. Ẹni tó bá ń kọ́ni pé ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì kò jìnnà sí òótọ́, torí omi ló jáde nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun tí ojú ó rí yàtọ̀.

Fákúólù ní iṣẹ́ mìíràn tí ẹnikẹ́ni tó bá ti gé àlùbọ́sà ti fojú ara rẹ̀ jẹ́rìí sí. Àlùbọ́sà tí a kò gé kì í ta ojú. Inú fákúólù ni ó fi ohun kan pamọ́ sí, ó fi èyí tí wọ́n jọ máa ń mú atẹ́gùn tó ń ta ojú jáde sínú sáítópíláásìmù. Bí ọ̀bẹ bá fọ́ awọ tó wà láàárín wọn, wọ́n pàdé, omijé sì dé. Àpò ìpamọ́ ni fákúólù jẹ́ fún ewéko, àwọ̀, ìkorò àti oró ni ó sábà máa ń kó síbẹ̀, níbi tí wọn kò ti ní pa sẹ́ẹ̀lì tó ni wọ́n lára.

Ó kan ọmọ tó bèèrè ohun tó ń di sẹ́ẹ̀lì tiwa mú. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, mo sì fẹ́ kí ẹ yìn ín. Bí ẹ bá fi sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ sínú omi lásán, omi yóò wọ inú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń wọ ti ewéko, ṣùgbọ́n kò sí ògiri tí yóò dá a dúró, nítorí náà yóò wú, yóò sì bẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn nọ́ọ̀sì kì í fi omi lásán sí aláìsàn lójú iṣan. Omi iyọ̀ tí wọ́n sábà ń fà síni lára ní iyọ̀ gíráámù 9 nínú lítà kan, ìwọ̀n tí kò ní mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wú, tí kò sì ní mú kó súnkì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ dán èyí wò ní kíláàsì, àrùn ń ràn nípasẹ̀ ẹ̀jẹ̀. Àlàyé ti tó. Nítorí náà, ohun tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì tiwa kò sí lára sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nìkan. Gbogbo ara ló ń ṣe é: kíndìnrín ń ṣọ́ ìwọ̀n omi àti iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, kí omi tó yí sẹ́ẹ̀lì ká má baà lágbára jù tàbí kó rọ jù. Nínú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, okùn tín-ín-tìn-tín wà tó ń bá a di ìrísí rẹ̀ mú. Egungun ló sì ń gbé odindi ara dúró dípò omi.

Àìsí ògiri kì í ṣe àléébù. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ lè yí ìrísí padà, kí ó rá kòrò jáde láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn, kí ó sì yí kòkòrò àrùn ká títí yóò fi gbé e mì. Sẹ́ẹ̀lì inú ògiri kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣan ẹran wa ì bá má lè súnkì kí ó sì nà ká ní ògiri yí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ká. Ewéko fi ìrìn ṣe pàṣípààrọ̀ ìdúró. Ẹ tún lè jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ìwọ̀n wé ara wọn: sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà kan gùn tó nǹkan bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá mílímítà, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì fẹ̀ tó ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Nǹkan bíi ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ márùn-ún ni yóò tò lórí ìlà kan kí wọ́n tó gùn tó àlùbọ́sà kan. Fákúólù náà ló fa ìyẹn, torí pé omi kò wọ́n ewéko bí sáítópíláásìmù, ó fi omi fẹ ara rẹ̀ lójú láìná ohun púpọ̀.

Èyí tí kò sí níbẹ̀ lóòótọ́ ni kílórópíláàsì. Ohun kékeré aláwọ̀ ewé ni, inú rẹ̀ ni àwọ̀ tí à ń pè ní kílórófíìlì wà, ibẹ̀ ni ewéko ti ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ kábọ́nì ṣe ṣúgà. Apá àlùbọ́sà tí à ń jẹ ni ìsàlẹ̀ ewé rẹ̀ tó wú, tí ó wà nínú ilẹ̀ tàbí tí ìpele mìíràn bò mọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kì í dé ibẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó pa ṣúgà mọ́, kì í ṣe kí ó ṣe ṣúgà. Òkè ewé àlùbọ́sà kan náà, tó yọ síta gbangba, tútù yọ̀yọ̀, inú rẹ̀ sì kún fún kílórópíláàsì. Ọ̀gbìn kan náà ni, sẹ́ẹ̀lì méjèèjì ló ní ògiri àti fákúólù, ìyàtọ̀ wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bákan náà ni gbòǹgbò rí, àti iṣu inú ilẹ̀.

Láti rí i, ẹ má ṣe lo ewé tó nípọn. Ọ̀pọ̀ ìpele sẹ́ẹ̀lì ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò kàn ṣókùnkùn. Nígbà òjò, ẹ wo ara ògiri tó máa ń tutù tàbí ìdí kànga, ẹ ó rí ewéko kékeré tó hù jọ bíi tìmùtìmù tútù. Ewé ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kò ju ìpele sẹ́ẹ̀lì kan lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ fi ẹ̀mú já ewé kan, ẹ tẹ́ ẹ sínú omi lásán, ẹ kọ́kọ́ wò ó ní ìlọ́po 100 kí ẹ tó lọ sí 400. Ẹ ó rí kílórópíláàsì bí ẹ̀wà kéékèèké aláwọ̀ ewé tí wọ́n tò mọ́ etí sẹ́ẹ̀lì. Mo ní etí, nítorí pé fákúólù ti gba àárín níbẹ̀ náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bíi ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà, nǹkan bí 60 ni ẹ ó sì tò kí wọ́n tó gùn tó sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà kan.

Àṣìṣe kan ṣì kù lórí kílórópíláàsì tí mo gbọ́dọ̀ tú, torí pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọmọ títí dé ìdánwò àṣekágbá. Wọ́n ń rò pé kílórópíláàsì ni ewéko ní dípò mitokọ́ńdíríà. Ewéko ní méjèèjì. Kílórópíláàsì ń ṣe ṣúgà nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wà. Mitokọ́ńdíríà ń lo ṣúgà yẹn láti pèsè agbára fún sẹ́ẹ̀lì tọ̀sán tòru, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe nínú ara tiwa. Sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà yín, tí kò ní kílórópíláàsì, ní mitokọ́ńdíríà, ó sì ń lo ṣúgà tí òkè ewé fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ kò ní rí mitokọ́ńdíríà náà nínú máíkírósíkópù yín bó ti wù kí ẹ yí i, ó kéré, kò sì ní àwọ̀. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn tààrà, kí wọ́n má baà máa nawọ́ sí àmì kan lórí gíláàsì kí wọ́n máa pè é ní ohun tí kì í ṣe.

Mo ní kí ẹ má fi áyódìn sí èyí tí ẹ máa fi iyọ̀ dán wò. Áyódìn a máa pa sẹ́ẹ̀lì, awọ sẹ́ẹ̀lì òkú kì í sì í yan nǹkan mọ́. Omi iyọ̀ yóò wọ inú rẹ̀ ṣàn-án, fákúólù kò ní súnkì. Ẹ lè fi ojú mọ sẹ́ẹ̀lì tó ti kú láìlo áyódìn: àwọ̀ elése àlùkò rẹ̀ kì í dúró sójú kan, yóò tú dà sí gbogbo sẹ́ẹ̀lì títí kan inú omi tó yí i ká. Ìdí kan náà nìyẹn tí omi tí a fi bọ àlùbọ́sà fi máa ń ní àwọ̀. Tí ẹ bá fi omi iyọ̀ sílẹ̀ pẹ́ jù tàbí tí ẹ po iyọ̀ jù, àpò yóò súnkì, ṣùgbọ́n kò ní wú padà nígbà tí ẹ bá dá omi lásán sí i. Ìyẹn kì í ṣe pé ẹ̀kọ́ náà kùnà, àwọn sẹ́ẹ̀lì ló ti kú. Ẹ mú èèpo tuntun. Èèpo àfọwọ́fà tún máa ń ní sẹ́ẹ̀lì tó ti ya ní etí, ẹ máa wo àárín. Roboto tó ní etí dúdú nínípọn, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, tó sì máa ń sún bí ẹ bá fọwọ́ kan gíláàsì, afẹ́fẹ́ ni, kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì, ó sì ti tan ọ̀pọ̀ kíláàsì jẹ.

Ìkìlọ̀ kan kí àwọn ọmọ tó yára fi ògiri ṣe òfin. Kì í ṣe ewéko nìkan ló ní ògiri sẹ́ẹ̀lì. Olú ní tirẹ̀, bakitéríà pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi ṣe é kì í ṣe sẹ́lúlóòsì bíi ti ewéko. Ògiri nìkan kò tó láti fi sọ pé ewéko ni nǹkan. Ó tún máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn ikú: nígbà tí Robert Hooke wo kọ́ọ̀kì, ìyẹn èèpo igi tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò, lábẹ́ máíkírósíkópù rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì tẹ ohun tó rí jáde ní ọdún 1665, ògiri òfìfo ló rí, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ti kú, síbẹ̀ ibẹ̀ ló ti mú orúkọ tí à ń pe sẹ́ẹ̀lì dòní. Bákan náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹranko kan máa ń ní àpò kékeré tó jọ fákúólù, ṣùgbọ́n kì í tóbi, kì í sì í gbé ara dúró.

Fún àwòrán tí wọ́n máa yà sínú ìwé wọn, mo dábàá méjì lójú ewé kan náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya ohun tí wọ́n rí gan-an ní òsì: sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fara kanra, ògiri, núkílíọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́, fákúólù pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀, láìsí kílórópíláàsì, kí wọ́n sì kọ ×100 àti "èèpo àlùbọ́sà" sábẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n ya ti inú ìwé sí ọ̀tún, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yà rẹ̀, kí wọ́n kọ "àwòrán àkópọ̀" sí i. Bí ìdánwò bá ní kí wọ́n ya sẹ́ẹ̀lì ewéko lápapọ̀, ti ọ̀tún ni wọn yóò yà. Bí wọ́n bá gbé èèpo àlùbọ́sà síwájú wọn nínú ìdánwò àfọwọ́ṣe, ti òsì ni, ẹni tó bá sì fi kílórópíláàsì kún un níbẹ̀ ti ya ohun tí kò rí.